Alaalẹ́ ni bàtà ọkọ mi ń wà lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó. Ṣé ìfẹ́ ti tán nìyẹn?

Ìyá Alákàrà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, èmi ni ìyáálé. Ọdún 3 rèé tí ìyàwó ti dé. Ògiri kan ló là wá láàárín, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàtà aláwọ tí mo rà fún un ní Iléyá èṣí, ẹnu ọ̀nà ìyàwó ló máa ń wà mọ́jú. Owó oúnjẹ kò yẹ̀, owó iléèwé ọmọ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi tàkúrọ̀sọ mọ́. Ìyàwó gan-an, lánàá ló da omi ìfọṣọ sí ìdí àdògán mi! Àbúrò mi tó jẹ́ aya kan ṣoṣo nílé ọkọ ní Iléṣà, abọ́ kan náà lòun àti ọkọ rẹ̀ ti ń jẹun. Ṣé èmi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfẹ́ ni?

Ọmọ Lágéré: Kóòtù ni ẹ gba lọ. Bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní kóòtù, òfin kò mọ ìyàwó kejì.

Ìyá Alákàrà: Yìgì ni wọ́n so fún àwa méjèèjì. Èmi ò wá kóòtù.

Bàbá Ràṣí: Kùránì ní kó fẹ́ràn yín dọ́gba. Ó ti jẹ̀bi.

Ìyá Onílé Kéú: Bàbá Ràṣí, ẹ mú un dé ìdajì. Súúrà 4, áyà 129, sọ pé ọkùnrin kò lè ṣe dọ́gba láàárín àwọn aya bó ti wù kó gbìyànjú tó. Kó ṣáà má yí sí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá. Ọkàn kò ṣeé pín. Alẹ́ ló ṣeé pín, òun náà sì ni ọkọ ń jẹ aya bíi gbèsè. Bí ìyáálé bá ń ṣe nǹkan oṣù tàbí ó ń ṣàìsàn, alẹ́ rẹ̀ kò yẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùsùn nìkan ni wọ́n ṣe pín in. Kí ọkọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kílẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Ní ọ̀sán, ó lè yà sọ́dọ̀ ẹnì kejì láti kí i. Bílẹ̀ bá ti ṣú, àfi bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Ìyá wa, alẹ́ mélòó mélòó lẹ̀ ń pín? Ta ló ń se oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ yín?

Ìyá Alákàrà: Omi ìfọṣọ yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí i.

Aya Kan: Ẹ má jowú àbúrò yín jù. Èmi nìkan lọkọ mi fẹ́, fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé e lọ.

Ìyá Onílé Kéú: Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Nílé aya kan, kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìfararora, ìfẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Bó bá lọ, kò sí alẹ́ tí aya lè tọ́ka sí pé tòun nìyí. Nílé olórogún, ọjọ́ wà, a lè kà á. Ẹ dá mi lóhùn, ìyá wa.

Ìyá Alákàrà: Alẹ́ méjì méjì ni. Ṣùgbọ́n àkàrà alẹ́ ni mò ń dín, aago 10 kọjá kí n tó wọlé. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ìyàwó máa bá mi se oúnjẹ ọjọ́ mi. Ara mi kì í gbé e mọ́, mo tún ní kí bàbá máa sùn lọ́hùn-ún. Fún ìgbà díẹ̀ ni mo pè é!

Ìyá Òdì-Ọmu: Háà! Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé e fún un, ẹ wá ń ka bàtà.

Ìyá Alákàrà: Àkàrà yẹn ló ń ra aṣọ sí wọn lọ́rùn. Mi ò ṣe búburú.

Ìyá Onílé Kéú: Ẹ ò ṣe búburú. Sọ́dà, aya Ànábì, fi ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún Àíṣà. Ẹni tó bá yọ̀ǹda alẹ́ rẹ̀ lè gbà á padà nígbàkigbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kọjá ti lọ, ọkọ kò ní san án. Òun kò sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ padà bí ẹ ò bá sọ. Ẹ pe àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́sàn-án, lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ti ìyàwó, kó má baà dà bíi pé ẹ já a gbà. Ẹ dárúkọ alẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Òdì-Ọmu: Kó gba oúnjẹ náà padà. Nílé Yorùbá, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ ni ọkọ ń jókòó sí. Bó bá jẹun tán lọ́hùn-ún láago 8, ṣé yóò dìde?

Ìyá Onílé Kéú: Alẹ́ kò so mọ́ ìkòkò. Tirẹ̀ ni, bó se oúnjẹ bí kò se.

Ìyá Òdì-Ọmu: Nínú kéú nìyẹn. Ilé kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Alákàrà: Ọjọ́bọ̀ ni ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ tà. Bí mo bá gba Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, tí mo pa iná láago 7? Ọbẹ̀ á ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sán.

Ìyá Onílé Kéú: Méjì méjì kò lè dúró sójú ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ 7 ni ọ̀sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọjọ́ tí kò yí, àfi kí ìyàwó gbà. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó pa iná.