Kí la ó máa pe lọ́gíláìnì?

Ìbéèrè, láti Òkè Àró, Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ojú ìwé 84 ni ìtàn tí mo kọ. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe fíìmù ní kí n ké e kúrú sí ojú ìwé kan, kí n sì mú lọ́gíláìnì rẹ̀ wá lọ́tọ̀. Kí la ń pe méjèèjì ní Yorùbá? Mo yọ gbogbo àpèjúwe kúrò, àmọ́ ẹni tó kà á ní òpin rẹ̀ kò yé òun.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Òǹdó: Àbúrò, àkọ́kọ́ kò le. Àhunpọ̀ ìtàn wà nínú ìwé wa tipẹ́, àkékúrú àhunpọ̀ ìtàn nìyẹn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n ń kọ sára pósítà fíìmù. Gbólóhùn ìpolówó ni.

Èmi, Ìjàpọ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ti pósítà ni kò wọ̀ ọ́. Òǹwòran ni pósítà ń pè, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ náwó ni lọ́gíláìnì wà fún: ta ni ọ̀ràn já lù, kí ló ń wá, kí ló dí i lọ́nà. Gbólóhùn kan ni, kì í sì í tú òpin. Ojú ìwé kan yẹn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tú òpin pátá.

Mo ti ka ìtàn àbúrò. Bàbá kan kú n'Ídànrè. Olówó gbé ìwé jáde pé olóògbé ti fi oko kòkó dógò fún òun, àkọ́bí bàbá sì ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Opó ní irọ́ ni, ó pẹjọ́, ó sì jàre. Nínú àkékúrú, a kò mọ ohun tó mú un jàre. Mo wá a lọ sí ojú ìwé 6, níbi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ọwọ́ bàbá: àdá ti gé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ níbi tó ti ń fọ́ kòkó, ọdún mẹ́ta kó tó kú. Òǹtẹ̀ àtàǹpàkò ọ̀tún ló wà lórí ìwé olówó, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ sí i! Àbúrò yọ ọ́ dànù torí ó rí bí àpèjúwe.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fi "nítorí náà" tàbí "ṣùgbọ́n" so ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ́ èkejì. Bí kò bá gba nǹkan kan ju "lẹ́yìn náà" lọ, ohun kan ti já bọ́ láàárín wọn, tàbí kẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kò wúlò. "Opó lọ sí kóòtù, nítorí náà ó jàre" kò dúró. Àmọ́ ojú ìwé méjì tó fi sọ bí wọ́n ṣe fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó fún ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú òórùn rẹ̀ (ó dùn ún kà o), ẹ yọ ọ́, kò sí ohun tó máa wó.

Ìyá oníkòkó kan, Ọ̀wẹnà: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ lọ́yà? Oko bàbá tèmi náà wà lọ́wọ́ olówó títí di òní. Òun ló ń kórè rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá san owó tí a yá, oko wa ni. Ta ló ní ó di tirẹ̀?

Èmi: Mọ̀mọ́, n ò mọ lọ́yà, ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ ti tún lọ́gíláìnì ṣe. Àbúrò kọ ọ́ pé "olówó fẹ́ gba oko", ìkórè ló sì ń jà fún. Èyí ni mo gbìyànjú: "Nígbà tí olówó mú ìwé ìdógò wá láti máa kórè oko kòkó ọkọ rẹ̀ tó kú, opó tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ fi hàn pé ayédèrú ni, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí olówó." Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ máa ń ní kó má ju ọ̀rọ̀ 30 lọ. Ọ̀rọ̀ tiwa kúrú, ó sì máa ń pọ̀, mi ò ka iye. Bí èémí kan bá gbé e, ó tó.

Ní ti orúkọ, fìrí ìtàn ni mo mú wá.

Tíṣà: Fìrí kẹ̀! Fìrí ni ohun tí ojú rí tó sì kọjá lọ. Eegun ìtàn ńkọ́?

Ọmọ yunifásítì kan, Àkúrẹ́: Ẹ̀yin bàbá, ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ á kà á sí eégún. Kókó ìtàn ńkọ́?

Tíṣà: Kókó ọ̀rọ̀ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú lítíréṣọ̀. Má da á rú.

Èmi: Eegun bá ojú ìwé kan yẹn mu ju gbólóhùn kan lọ.

Àbúrò, Òkè Àró: Ẹ ṣé o. Mo ti dá àtàǹpàkò bàbá padà. Mo sọ "fìrí ìtàn" fún ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí n ṣáà kọ lọ́gíláìnì sí i lórí.