"Aṣúwọ̀" kọ́ lorúkọ ẹ̀: ìjà lórí alákọ̀ọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì àti awọ tó ń ṣú

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fáwọn aláìsàn tí ádírẹ́nà wọn, ẹ̀yà ara kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín, ò ṣiṣẹ́ tó. Mo pe àìsàn náà ní "àrùn aṣúwọ̀", mo wá pín in sí "alákọ̀ọ́kọ́" àti "ẹlẹ́ẹ̀kejì". Ọ̀gá mi ní kò dáa. Kí ló burú níbẹ̀, kí la máa pè é?

Bàbá Tíṣà, Ifẹ̀:
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti kú látorí ìṣe "ṣú". Ojú ọ̀run ṣú, ilẹ̀ ṣú, ara èèyàn ṣú. Ta ló ṣú u? Ẹnì kankan ò ṣú u, òun fúnra ẹ̀ ló ṣú. "Ṣú" tó ń gba àbọ̀ tí mo mọ̀, opó ni wọ́n ń ṣú. Ṣé ẹ wá fẹ́ ṣú awọ lópó ni? Tó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ fẹ́ kó ṣú, ẹ fi "mú" há a láàárín, "amáwọ̀ṣú", ìyẹn ò ní dun olùkọ́ tó kọ́ mi nínú ibojì ẹ̀. Láyé tiwa, téèyàn bá kọ "aṣúwọ̀" sójú pátákó, kóbókò á kọ́kọ́ dáhùn kí tíṣà tó sọ̀rọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa oògùn o, gírámà ni mò ń sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Bàbá, ẹ máà bínú, ẹ ti gbá ọmọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó kí i. Èmi ò rí aburú nínú alákọ̀ọ́kọ́ àti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó yé mi ni pé àìsàn yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kìíní, kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù tí ádírẹ́nà ń ṣe, á lọ sílẹ̀, àìsí kọ́tísọ́ọ̀lù yẹn ló ń mú awọ dúdú, tó bá wá pẹ́ tó wọ ìpele kejì, awọ á tún mọ́ padà torí ara ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ lè fi "àkọ́dé" àti "àtẹ̀lé" pè é.

Màmá Wọ́ọ̀dù, Iléṣà:
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, apá kan lo gbọ́. Òótọ́ ni pé kọ́tísọ́ọ̀lù lọ sílẹ̀. Ìyókù ò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi kórìíra alákọ̀ọ́kọ́ àti ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí gbogbo ẹni tó bá kà á ló máa rò pé ìpele ni, bíi ti jẹjẹrẹ. Ẹni tó ní ìkejì ò gba ti ìkíní kọjá rárá. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n fi pín in.

Ìwọ tó ń pe ara ẹ lọ́mọ Ìjẹ̀ṣà, o gbàgbé òṣómàáló ni? Àwọn bàbá wa tó ń ru aṣọ káàkiri, tí wọ́n ń tà á láwìn, tọ́jọ́ owó bá pé tí onígbèsè ń wò wọ́n, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n á máa pariwo títí owó á fi jáde. Pítúítárì tó wà lábẹ́ ọpọlọ ni òṣómàáló. Ádírẹ́nà méjì tó gun orí kíndìnrín ni onígbèsè. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni owó. Igbe tí òṣómàáló ń ké lorúkọ ẹ̀ ń jẹ́ ACTH lórí ìwé láàbù. Tówó bá ti wọlé, ó dákẹ́.

Wàyí o, tó bá jẹ́ ádírẹ́nà fúnra ẹ̀ ló bàjẹ́, bóyá ikọ́ ife ló jẹ ẹ́, bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló yí ìbọn padà sí i, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú ẹ̀, owó ò ní jáde, òṣómàáló ò sì ní ṣíwọ́, igbe á máa ga sí i tọ̀sán-tòru. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní alákọ̀ọ́kọ́. Tó bá wá jẹ́ òṣómàáló ló dùbúlẹ̀ sílé, bóyá kókó hù sí pítúítárì, bóyá obìnrin kan bímọ tó ṣẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ tí pítúítárì ẹ̀ kú tí ọmú ẹ̀ ò sì sun wàrà, kò sẹ́ni tó pariwo. Onígbèsè jókòó jẹ́ẹ́, ó ń joro díẹ̀díẹ̀ torí kò sẹ́ni tó bi í. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Igbe yẹn gan-an ló ń mú awọ ṣú, kì í ṣe àìsówó. Ẹ fọkàn wo ACTH bí ìlẹ̀kẹ̀ 39 tí wọ́n sín sókùn kan. Ìlẹ̀kẹ̀ 13 tó ṣáájú bá ti họ́mónù míì mu, èyí tí wọ́n ń kọ ní MSH, torí ara ọ̀kan náà la ti gé àwọn méjèèjì. MSH ló ń pàṣẹ fáwọn sẹ́ẹ̀lì aláró inú awọ. Tí ACTH bá ti pọ̀ kọjá ààlà, aláró á gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ orúkọ ara ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí po aró. Ẹ̀rí wà: ẹni tí kókó pítúítárì ń mú ACTH ẹ̀ pọ̀ jù, kọ́tísọ́ọ̀lù ẹ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀, síbẹ̀ awọ ẹ̀ lè ṣú. Ṣé àìsí kọ́tísọ́ọ̀lù ló ṣú tìyẹn náà?

Ẹ̀gbọ́n Sábó:
Ẹ ṣé o Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ara ẹ̀ ti dúdú bí èédú, àti kíndìnrín náà ni. Ṣé ká lọ ra kọ́tísọ́ọ̀lù fún un ni?

Màmá Wọ́ọ̀dù, Iléṣà:
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Kíndìnrín tó ti kú lè mú awọ ṣú lọ́nà tiẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ádírẹ́nà kì í ṣe kíndìnrín, orí ẹ̀ ló kàn gùn bíi fìlà. Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé o rí i? Ẹni tó bá fi "kíndìnrín" sínú orúkọ àìsàn yìí á kó wọn lọ sí wọ́ọ̀dù tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àbúrò ìyá mi tó ń ta gààrí lọ́jà Atákúnmọ́sà. Ó ń rù, ó ń bì, tó bá dìde ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn. Ó wá ń lá iyọ̀ bí ẹni lá ṣúgà. Wọ́n ní oòrùn ọjà ló pa á lára. Lójú dúdú bíi tiwa, ṣíṣú ò rọrùn láti rí, àyípadà lèèyàn ń wá. Ilà àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀rìgì ẹlòmíì ti dúdú látìgbà ìbí, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ àpá ọ̀bẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná lọ́wọ́ ẹ̀ ṣú dúdú, àpá ìgbà èwe tó wà lórúnkún ò yí padà. Mo mú fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn wá, mo fi wéra, mo bá gbé e dìde.

Ìfúnpá ẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ 95/60, nígbà tó dìde ó di 70/45. Sódíọ̀mù lọ sílẹ̀ dé 121, pọtásíọ̀mù gòkè dé 6.1. Kọ́tísọ́ọ̀lù aago mẹ́jọ àárọ̀ jẹ́ 1.8 µg/dL, tó bá ti kéré sí 3 báyìí, ọ̀rọ̀ ti burú. Wọn ò dúró de èsì ACTH, haidirokọ́tísóònù, kọ́tísọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe sóògùn, 100 mg ni wọ́n fà sí i lára lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ACTH ṣáájú abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí èsì dé, ó ga ní ìlọ́po púpọ̀ ju ibi tó yẹ kó dúró lọ. Ikọ́ ife ló ti jẹ ádírẹ́nà ẹ̀. Àti pé oògùn ikọ́ ife tó ń sọ ìtọ̀ di pupa yẹn tún máa ń lé haidirokọ́tísóònù jáde kíákíá, torí náà wọ́n ní láti fi kún ìwọ̀n tó ń lò.

Pọtásíọ̀mù yẹn náà ń sọ̀rọ̀. Họ́mónù tó ń di iyọ̀ mú sára ò gbọ́ràn sí òṣómàáló, ti kíndìnrín ló ń gbọ́. Nínú ìkejì, iyọ̀ ṣì lọ́gàá, pọtásíọ̀mù kì í ga. Sódíọ̀mù lè wálẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ má fi ìyẹn dá wọn mọ̀.

Ìyá Eléwé, Ifẹ̀:
Màmá, ọ̀rọ̀ yín kan mi. Orúnkún ló ń dùn mí, wọ́n ń tà mí ní oògùn kékeré kan ní kẹ́mísì, mo lò ó bí ọdún méjì, ara mi le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún. Ìgbà ààwẹ̀ ni mo dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ kẹrin mo ṣubú sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ádírẹ́nà. Ìka ọwọ́ mi sì dúdú lórí eegun, torí náà mo rò pé alákọ̀ọ́kọ́ ni tèmi. Mo máa ń pa ìpara díẹ̀ ná, ẹ má bú mi.

Màmá Wọ́ọ̀dù, Iléṣà:
N ò bú yín. Ìkejì ni tiyín jọ, irú èyí ni mo sì rí jù lẹ́nu iṣẹ́. Oògùn kékeré yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dẹsamẹtasóònù tàbí prẹdinisólóònù, ẹbí kọ́tísọ́ọ̀lù ni. Ọ̀pọ̀ ìpara tó ń bó ara náà ní irú ẹ̀ nínú, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òṣómàáló ń rówó láti ìta, kí ló máa pariwo fún? Ó sùn. Ẹ wá dá owó ìta dúró lọ́jọ́ kan, onígbèsè ti joro, òṣómàáló ò tíì jí. Ìka yín tó dúdú, ìpara ló ṣe é, ẹ lọ wo ẹ̀rìgì àti inú ẹnu yín, ẹ ó rí i pé kò yí padà. ACTH yín ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, ó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró mọ́ láìjẹ́ pé dókítà ń dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù.

Akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí mo dá lábàá: "àìtó kọ́tísọ́ọ̀lù àtìdí" fún ti ádírẹ́nà, "àìtó kọ́tísọ́ọ̀lù àtòkè" fún ti pítúítárì. Kí "amáwọ̀ṣú" ti Bàbá wà lábẹ́ àtìdí nìkan.

Bàbá Tíṣà, Ifẹ̀:
Àtòkè kẹ̀! Màmá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bí a bá ti sọ pé nǹkan ti òkè wá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n máa gbọ́, tàbí kí wọ́n ní ayé ló rán an. Aláìsàn á gbé ìwé pélébé lọ sórí òkè àdúrà. Ẹ kọ "àtorí" kó lè yé wọn pé orí tara ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
"Àtorí" kẹ̀, wọ́n á rò ó mọ́ àyànmọ́ báyìí. Mo gbà lórí ìpele o, Màmá, mo ti ṣìnà níbẹ̀. Àmọ́ Bàbá, Ifẹ̀ kọ́ ló ni èdè nìkan, ulé wa náà ni Yorùbá.

Bàbá Tíṣà, Ifẹ̀:
Ulé! Ta ló kọ́ yín ní "ulé" kí Ifẹ̀ tó dáyé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, Iléṣà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yọ aṣúwọ̀. "Àtìdí" ti dúró. Àtòkè àti àtorí, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ méjèèjì, ọ̀gá mi ní òun á bi aláìsàn mẹ́ta lọ́jọ́ Ajé ohun tí wọ́n gbọ́.