Réjísítà àti sítáàkì: ìwé orúkọ ni, àbí ọwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé kékeré lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan fún mi ní "ìwé ìforúkọsílẹ̀" fún réjísítà, ó sì fún mi ní "òkìtì" fún sítáàkì. Ṣé wọ́n bá a mu?

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì: Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Èmi ò lè gba ìkankan nínú méjèèjì, iṣẹ́ asẹ́ńbílì kan tó dà rú mọ́ mi lọ́wọ́ ló sì fà á.

Wọ́n ní ká ṣírò 5 lọ́nà 5, 4 lọ́nà 4, títí dé 1, ká ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ 55. Mo fi `rcx`, ọ̀kan lára àwọn réjísítà inú ẹ̀rọ, ka ìyípo, mo sì ń pe `ilopo`, iṣẹ́ kékeré tí mo kọ fúnra mi, pé kó máa bá mi ṣe ìsọdipúpọ̀ náà. Mo tàn án, kò mú nǹkan kan jáde, kò sì parí. Nígbà tí mo dá a dúró nínú `gdb`, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `0xffffffff` ni mo bá nínú `rcx`. Àṣé `rcx` náà ni `ilopo` fi ń ka ìyípo tirẹ̀! Ó kà á dé òdo kó tó padà wá bá mi. Èmi wá yọ ọ̀kan kúrò lára òdo, ó sì di nọ́ńbà tó tóbi jù tí ibẹ̀ lè gbà.

Ohun tí a bá kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, a ó bá a níbẹ̀ lọ́la. Tèmi ò dúró. Ọwọ́ ló jọ: bí iṣẹ́ mìíràn bá fẹ́ lo ọwọ́ náà, àfi kéèyàn kọ́kọ́ gbé ohun tó dì mú sílẹ̀. Mo dábàá *àmúlọ́wọ́*.

Mo wá gbé e sílẹ̀ sórí sítáàkì báyìí:

```
yipo:
    push rcx
    mov  rdi, rcx
    call ilopo
    add  r8, rax
    mov  rcx, [rsp]
    dec  rcx
    jnz  yipo
    ret
```

`r8` di 55 lóòótọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ṣubú. `gdb` ní òun wà ní `0x0000000000000001`. Mo ní kó fi orí sítáàkì hàn mí, mo bá 2, 3, 4, 5, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì ibi tó yẹ kí n padà sí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gbé nǹkan lé e, mo kàn ń wò ó ni, n kò gbé e kúrò. `ret` mú èyí tó wà lókè pátápátá, 1, ó rò pé ojú ọ̀nà ilé nìyẹn. Nígbà tí mo fi `pop rcx` rọ́pò `mov rcx, [rsp]`, ó délé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ *ìtòlérí*, bí abọ́ tí a tò lérí ara wọn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: Ọmọ mi, má da ọ̀rọ̀ rú. Lọ́fíìsì wa, réjísítà ni ìwé tí a ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tọ̀nà.

Olùkọ́ èdè: Ẹ̀gbọ́n, réjísítà tiwọn ò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Àmúlọ́wọ́ dùn létí. Ìtòlérí náà dára, torí pé ohun tó wà lókè nìkan ni èèyàn lè rí, bó ṣe ń ga sí i náà ni àdírẹ́sì rẹ̀ ń ga.

Ẹnjiníà kan: Ẹ ṣeun, mà, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ x86-64 tí ọmọ yìí lò, `push` kọ̀ọ̀kan ń yọ 8 kúrò nínú `rsp`, réjísítà tó di àdírẹ́sì orí sítáàkì mú, ìsàlẹ̀ ni àdírẹ́sì ń lọ. `[rsp+8]` sì lè ka èyí tó wà lábẹ́ tòkè láì gbé tòkè kúrò. Òkìtì, ẹ fi í sílẹ̀ fún hípù, níbi tí a ti ń bu ààyè láìtẹ̀lé ètò kankan.

Àbúrò, ohun tí ọwọ́ mú ni àmúlọ́wọ́. 5 ni àmúlọ́wọ́. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ni `rcx`. Mẹ́rìndínlógún ni ọwọ́ tí a lè fi ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, `rsp` sì wà lára wọn. Wọn ò sì jọ ara wọn: nínú àdéhùn tí Línọ́ọ̀sì ń tẹ̀lé, ẹni tí a pè lè ba `rcx` jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá lo `rbx`, dandan ni kó dá a padà bó ṣe bá a. Ká ní `rbx` lo fi kà á ni, tí `ilopo` ò sì fọwọ́ kàn án, ìyípo ò ní dà rú.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì: Ẹ ṣé, ọ̀gá. Mo gbà pé ọwọ́ ló yẹ, àmúlọ́wọ́ á wà fún ohun inú rẹ̀. Ìtòlérí ni mi ò tíì fẹ́ jọ̀wọ́. Bí àdírẹ́sì tiẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, èyí tí mo gbé lé e kẹ́yìn náà ni `ret` kọ́kọ́ mú.

Olùkọ́ èdè: Kí wá ni a ó pe `rsp`? Ṣé ọwọ́ tó ń tọ́ka ni?