Ó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá lòun fi síbẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé yìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́ o. Ọkùnrin kan tó ń lọ kòkó l'Ákúrẹ́ níbí fẹ́ kí n fi mílíọ̀nù mẹ́ta ra ṣíà nínú kọ́ńpìnì ẹ̀, ó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá lòun ti fi síbẹ̀. Ìwé tó fún mi láti CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀, kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá ṣíà ọ́dínárì àti mílíọ̀nù méjì priférénsì, náírà kan ni ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Ọmọ Ìdànrè: Òótọ́ ni mà. Látìgbà òfin kọ́ńpìnì 2020, wọn kì í kàn kọ iye ṣíà sílẹ̀ láìpín in fún ẹnikẹ́ni mọ́. Owó ti wọlé nìyẹn.

Akántáǹtì Ìjàpọ̀: Àbúrò, ti pípín yẹn dáa, àmọ́ pípín kọ́ ni sísan. Èèyàn lè gba ṣíà kó ṣì jẹ owó ẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣí ìwé ìṣirò owó wọn, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Share capital`, òun ló máa júwe àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ọ́dínárì tí wọ́n ti san, 1,500,000. Priférénsì, wọ́n san 2,000,000 pé. `Share premium` 8,000,000, èrè nìyẹn àbí?

Akántáǹtì Ìjàpọ̀: Kì í ṣèrè o. Ó jọ pé náírà márùn-ún lẹni tó ra priférénsì san lórí ṣíà tí wọ́n kọ náírà kan sí, náírà kan wọ `Share capital`, mẹ́rin tó kù ló bọ́ sí `Share premium`. Ẹ gba ìwé ìpín ṣíà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí CAC, ibẹ̀ lẹ máa ti rí orúkọ ẹni náà àti iye tó san. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́wàá wọlé lóòótọ́, àmọ́ ó lè jẹ́ ẹlòmíì ló mú un wá, ẹni yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ gba èrè tiẹ̀ kó tó kan ọ́dínárì.

Yéyé Òǹdó: Ẹ̀rọ tó fi síbẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà owó ni o.

Akántáǹtì Ìjàpọ̀: Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ̀rọ lè dípò owó ṣíà tí wọ́n bá díye lé e tí wọ́n sì kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé gbèsè tí kọ́ńpìnì jẹ ẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn gbèsè.

Ìyá Ìbejì: Ó ní nínú ọ́dínárì tòun lòun máa gé tà fún mi.

Akántáǹtì Ìjàpọ̀: Háà! Àpò ẹ̀ lowó yẹn ń lọ nìyẹn, kò ní wọ kọ́ńpìnì rárá. 1,500,000 tí wọ́n san lórí mílíọ̀nù mẹ́wàá ọ́dínárì yẹn, tó bá sì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló san lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kọ́bọ̀ márùndínláàádọ́rùn-ún tó kù lè bọ́ sí yín lọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Yéè. Mo máa bi í lọ́la, pàápàá tẹni tó ni priférénsì.