Ìwé ìyá àti ọmọ tí mo dà pọ̀ kò dọ́gba, mílíọ̀nù 35 ló yàtọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Ìdánwò ICAN ni mò ń múra fún, ibi ìdàpọ̀ bálàǹsì ṣíìtì ni mo sì há sí. Gbogbo iye tí mo kọ síbí, mílíọ̀nù náírà ni.

Ilé-iṣẹ́ ìyá ra ìdá 80 nínú 100 ilé-iṣẹ́ ọmọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ó san 520. Lọ́jọ́ náà, owó ìpín ìdókòwò ọmọ jẹ́ 200, èrè tó ti kó jọ jẹ́ 250, ilẹ̀ rẹ̀ sì fi 50 ju iye tó wà nínú ìwé lọ. Ìbéèrè ní kí a fi iye ọjà wọn ìpín àwọn onípìn-ín kékeré, ó sì fún wa ní 115.

Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni a fẹ́ da ìwé wọn pọ̀. Bí ìwé ìyá ṣe rí nìyí: ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ 900, owó tó fi ra ọmọ 520, ọjà inú sítọ́ọ̀ 180, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ 150, owó ọwọ́ 50. Lápá kejì, owó ìpín ìdókòwò 600, èrè àkójọ 820, owó tó yá ní báǹkì 250, gbèsè ọlọ́jà 130. Ti ọmọ: ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ 420, ọjà 110, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ 130, owó ọwọ́ 40. Lápá kejì, owó ìpín ìdókòwò 200, èrè àkójọ 340, gbèsè ọlọ́jà 160.

Ọmọ ta ọjà fún ìyá, ó fi ìdá 25 nínú 100 lé iye tó ná an. Èyí tí ìyá rà ní 50 ṣì wà nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì ṣì jẹ ọmọ ní 30.

Gúdúwìlì tí mo rí jẹ́ 135. Mo yọ gbèsè 30 náà ní apá méjèèjì, mo sì yọ èrè 10 kúrò lára ọjà. Èrè àkójọ jẹ́ 884. Fún àwọn onípìn-ín kékeré, mo mú ìdá 20 ohun-ìní ọmọ lẹ́yìn tí mo yọ gbèsè rẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, ó jẹ́ 116. Síbẹ̀, apá ohun-ìní jẹ́ 2,075, apá kejì jẹ́ 2,110. Mo wá 35 yìí káàkiri inú ìbéèrè, mi ò rí i. Níbo ni kí n wò?

Alájé Òṣogbo

Wo ilẹ̀ o. 900 pẹ̀lú 420 jẹ́ 1,320, o ò sì fi 50 tí ilẹ̀ fi lé sí i. Fi sí i, ohun-ìní á di 2,125. Á wá ku 15. Gúdúwìlì rẹ ló pọ̀ jù. Ìdá 80 nínú 500 jẹ́ 400, yọ ọ́ nínú 520, gúdúwìlì jẹ́ 120. Fi 120 sí ipò 135, apá méjèèjì á jẹ́ 2,110. Ó tán.

Ohun kan tún wà. Inú sítọ́ọ̀ ìyá ni ọjà yẹn wà, nítorí náà lára èrè ìyá ni kí o ti yọ gbogbo 10 náà.

Ìyá Aṣàyẹ̀wò-Ìwé

Alájé, ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ lẹ sọ nípa ilẹ̀. Ìyókù ni ká jọ yẹ̀ wò, torí pé ìwé tó dọ́gba lè má tọ̀nà.

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́, má wá 35 mọ́. Bí ìyàtọ̀ kan kò bá jọ iye kankan nínú ìbéèrè, àṣìṣe méjì ni mo máa ń fura sí. Níbí, ọ̀kan mú kí apá ohun-ìní fi 50 dín, èkejì mú kí apá kejì fi 15 dín. Èyí tó ṣẹ́ kù láàárín wọn ni 35.

Nígbà tí o ń wá gúdúwìlì, o ka 50 ti ilẹ̀ mọ́ ohun-ìní ọmọ: 200, 250 àti 50, ó jẹ́ 500. 520 tí ìyá san pẹ̀lú 115 jẹ́ 635. Yọ 500 kúrò, 135 ni gúdúwìlì, bí o ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n 50 tó ti dín gúdúwìlì kù gbọ́dọ̀ hàn lára ilẹ̀, nítorí ìyá sanwó fún un. Ilẹ̀ kì í gbó, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ rọrùn. Ká ní ẹ̀rọ tó máa lo ọdún 10 ni 50 yẹn wà lórí rẹ̀ ni, 5 ni ì bá máa gbó lọ́dọọdún, ọdún méjì sì jẹ́ 10. Ẹ̀rọ á wà ní 40 péré, wàá sì yọ 10 yẹn lára èrè ọmọ kí o tó pín in.

Ó wá ku 15, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Gúdúwìlì tí ìyá fi owó tirẹ̀ rà jẹ́ 120, bí Alájé ṣe ṣírò rẹ̀. Àwọn onípìn-ín kékeré náà ní tiwọn: ìdá 20 nínú 500 jẹ́ 100, ṣùgbọ́n iye ọjà ìpín wọn jẹ́ 115, nítorí náà 15 ni gúdúwìlì tiwọn. 120 àti 15 ló di 135. O gbé 135 sí apá ohun-ìní, 15 tiwọn wà nínú rẹ̀. Àmọ́ lápá kejì, 116 tí o kọ jẹ́ ìdá 20 ohun-ìní nìkan, gúdúwìlì wọn kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní wọ bálàǹsì ṣíìtì lápá kan, kò wọ ọ́ lápá kejì.

Láti orí 115 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrà, èrè àkójọ ọmọ gòkè láti 250 dé 340, ìyẹn 90. Yọ 10 tó wà nínú ọjà tí wọn ò tíì tà fún ará ìta, 80 ló kù. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ 16. 115 àti 16 jẹ́ 131.

Ọ̀nà Alájé kì í ṣe irọ́ o. IFRS 3 gba ọ̀nà méjèèjì, a sì lè yan èyí tó wù wá fún ìrà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ìdá ohun-ìní wọn ìpín àwọn onípìn-ín kékeré, 100 ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á parí sí 116, gúdúwìlì á jẹ́ 120, ìwé á sì dọ́gba. Ìbéèrè tìrẹ ló ti yan iye ọjà. Ẹni tó bá kọ 2,110 yóò rí ìwé tó dọ́gba pérépéré, olùyẹ̀wò yóò sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti èrè 10, ta ló tà á? Ọmọ ni. Inú ìwé ọmọ ni èrè náà wà, nítorí náà àwọn méjèèjì ni yóò jọ ru ìyọkúrò rẹ̀: 8 fún ìyá, 2 fún àwọn onípìn-ín kékeré. Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ lé ìyá lórí, èrè àkójọ á di 882, ìpín kékeré á di 133. Àpapọ̀ wọn ṣì jẹ́ 1,015, bíi ti 884 àti 131. Bálàǹsì ṣíìtì kò ní kìlọ̀ fún ọ rárá.

Alájé Òṣogbo

Mo gba ti gúdúwìlì, ẹ ṣé, Mọ̀mí. Àmọ́ ti ọjà ò tíì yé mi dáadáa. Ọjà ìyá ni a dín kù, èrè ọmọ ni a yọ. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà pé ẹni tó tà ni ká tẹ̀ lé?

Ìyá Aṣàyẹ̀wò-Ìwé

Ìbéèrè gidi ni. IFRS 10 ní kí a yọ gbogbo 10 náà kúrò, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Bí a ó ṣe pín in láàárín ìyá àti àwọn onípìn-ín kékeré, kò là á lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe là á yìí. Títẹ̀lé ẹni tó tà ni àṣà tó fìdí múlẹ̀, òun náà ni wọ́n ń fẹ́ nínú ìdánwò. Mo fara mọ́ ọn, torí pé ọmọ ló kọ èrè náà sílẹ̀, àwọn onípìn-ín kékeré sì ní ìdá 20 nínú gbogbo èrè tí ọmọ bá kọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ọdún méjì ti kọjá lẹ́yìn ìrà, kí ló dé tí 135 ṣì pé 135? Ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń gé gúdúwìlì kù lọ́dọọdún títí yóò fi tán. A ò sì fi iye ọjà wọn ìpín àwọn onípìn-ín kékeré rí.

Ìyá Aṣàyẹ̀wò-Ìwé

Ó dájú pé FRS 102 ni ilé-iṣẹ́ yín ń lò, ìlànà ti Bìrìtìkó. Nínú rẹ̀, gúdúwìlì ní iye ọdún, bí wọn ò bá sì lè fọkàn tán iye ọdún náà, kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ìdá ohun-ìní náà ni wọ́n fi ń wọn ìpín kékeré níbẹ̀. IFRS ni ìbéèrè yìí ń lò. Òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí pátákó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lò láti ọdún 2012. A kì í gé gúdúwìlì kù lọ́dọọdún níbẹ̀, ṣe la máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bóyá iye rẹ̀ ti já. Ká ní ìbéèrè sọ pé ó fi 20 já, 16 á kan ìyá, 4 á kan àwọn onípìn-ín kékeré, nítorí pé tiwọn wà nínú 135. Lábẹ́ 120 ti Alájé, ìyá nìkan ló ni gúdúwìlì inú ìwé, nítorí náà kò sí èyí tó máa kan wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, Mọ̀mí. Mo tún un ṣe. Ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ 1,370, gúdúwìlì 135, ọjà 280, owó tí wọ́n jẹ wá 250, owó ọwọ́ 90: 2,125. Lápá kejì, owó ìpín ìdókòwò 600, èrè àkójọ 884, ìpín kékeré 131, owó báǹkì 250, gbèsè ọlọ́jà 260: 2,125. Ìyá ló bá ta ọjà yẹn fún ọmọ ńkọ́?

Ìyá Aṣàyẹ̀wò-Ìwé

Ó pé. Bó bá jẹ́ ìyá ló tà á, a jẹ́ pé 882 àti 133 ti Alájé ni ìdáhùn.

Oníwèé Abẹ́òkúta

Ẹ dákun, èmi ní ohun kan láti sọ. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ gidi ni, 50 tí ilẹ̀ fi lé yẹn á mú owó orí ọjọ́ iwájú lọ́wọ́. Gbèsè ni lábẹ́ IAS 12, ó máa dín ohun-ìní ọmọ kù lọ́jọ́ ìrà, gúdúwìlì á sì ju 135 lọ. A ti ní irú rẹ̀ rí ní ọ́fíìsì wa, ọ̀rọ̀ náà le gan-an.

Ìyá Aṣàyẹ̀wò-Ìwé

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìdánwò, bí ìbéèrè kò bá mẹ́nu kan owó orí, kí Akẹ́kọ̀ọ́ fi í sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì, a ò lè fi í sílẹ̀.

Oníwèé Abẹ́òkúta

Ìdá owó orí wo lẹ máa ń lò fún ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ò ní lọ́kàn láti tà? Èmi àti ọ̀gá mi ò tíì fẹnu kò. Òun ní kí a lo ti èrè ilé-iṣẹ́. Èmi ní ilẹ̀ kì í gbó, nípa títà nìkan ni iye rẹ̀ fi lè padà wá, nítorí náà owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè títà ohun-ìní ló yẹ ká wò.

Ìyá Aṣàyẹ̀wò-Ìwé

Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo wà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo òfin owó orí tó wà lójú iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ ń kọ ìwé náà, kí o tó padà lọ bá ọ̀gá rẹ.