Ìsómi àbí ìdímọ́: kí la máa pè é?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, lásìkò ọyẹ́ tí irun bá gbẹ táútáú tó ń já, kí la máa pe òróró tá a fi ń pa á kí omi inú ẹ̀ má bàa lọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́.

Tíṣà: Èmi á ní "ìrinrun", torí òróró ló ń fún irun lómi tó fi ń rin.

Onídìrí: Ẹ má bínú sà, kò sómi kankan nínú òróró, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́yẹ́ tó kọjá, àràárọ̀ ló ń da òróró sórí irun gbígbẹ, irun ẹ̀ ń dán gan-an àmọ́ tó bá fi máa dọ̀sán á ti le bí ìgbálẹ̀, tí mo bá fà á díẹ̀ báyìí ó ti já. Ètò ẹ̀ nìkan la yí padà. Ó kọ́kọ́ ń fọ́n omi sí i títí á fi tutù láìkán, ó fi ìpara irun tẹ̀ lé e kí omi yẹn tó gbẹ, ìgbà yẹn ló wá ń fi òróró bí ìdajì ṣíbí tíì pa á, ṣóńṣó irun ló sì ń fún ní púpọ̀ torí ibẹ̀ ló ti gbó jù. Lẹ́yìn náà ó dì í ní ńlá mẹ́rin. Tó bá dìrọ̀lẹ́ irun náà ṣì máa ń rọ̀ lọ́wọ́. Òróró ló sé omi mọ́bẹ̀ bí ìgbà téèyàn sé odò, ìyẹn ni mo fi fẹ́ "ìsómi".

Ìyá Ìbejì: Tọmọ tèmi yàtọ̀ o, tí mo bá ti bọ́ fìlà wúùlù lórí ẹ̀ báyìí irun ẹ̀ á máa ta pà-pà-pà, gbogbo ẹ̀ á dìde dúró. Mo ti fòróró pa á títí, kò gbọ́.

Onídìrí: Iná mànàmáná ni mà. Bí wúùlù tàbí kóòmù rọ́bà bá ṣe ń ra irun, irú iná kan náà ló ń kó sára fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá máa ti ara wọn. Tí afẹ́fẹ́ bá lómi nínú iná yẹn á rọra lọ, lọ́yẹ́ kò rọ́nà lọ. Ẹ fi sátíìnì sábẹ́ fìlà yẹn, ẹ lo kóòmù onígi, ẹ sì fi kọndíṣọ́nà sí i tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán. Èmi máa ń pè é ní "iná ìfarara".

Tíṣà: Mo gbà, òróró kì í ṣomi. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ "ìsómi" á rò pé dáàmù là ń sọ. "Ìdímọ́" ló tẹ́ mi lọ́rùn, torí òróró ló dí omi mọ́nú irun.

Onídìrí: Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì ńkọ́ sà? Ẹni tó bá rí i á ní irun dídì là ń sọ.

Ìyá Ìbejì: "Iná ìfarara" yẹn ni mo mú ní tèmi. Sátíìnì yẹn, ṣé mo lè rán an mọ́nú fìlà?