Ìrètí, àbọ̀ àbí ìṣẹ́kù: kí la ó pe ohun tí òwò kọ̀ọ̀kan ń dá padà?

Dékúnlé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń kọ́ òwò fọ́rẹ́ẹ̀sì. Rísíkì-tu-rìwọ́ọ̀dù, mo pè é ní "ìpín ewu sí èrè". Wínréètì, "ìdá ìborí". Ẹ̀sìpẹ́táńsì tó so méjèèjì pọ̀, mo pè é ní "ìrètí". Ṣé ẹni tó bá kà á máa lóye rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Àlàní
Dékúnlé, gèlè ni "ìborí" yẹn máa gbé wá sọ́kàn ìyàwó mi. "Ìdá ìjèrè" ló sàn. Ní ti ìkẹta, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, torí ìpín ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí èrè tí ò ń lé bá ti jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí o fi wewu, bó o tiẹ̀ ń pàdánù ju bó o ṣe ń jẹ lọ, owó ṣì máa wọlé. Èmi kì í fọwọ́ kan òwò tí kò bá tó 1 sí 2. Pè é ní "ìdánilójú èrè", kó o sinmi.

Bánjọ
Bọ̀dá Àlàní, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ló tọ̀nà. Òótọ́ ni pé èèyàn lè pàdánù léraléra kówó ṣì wọlé, àmọ́ ìdánilójú kọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú EUR/USD. Mo rà á ní 1.1000. Mo ní kí òwò náà tì fúnra rẹ̀ bó bá já sí 1.0980, kó sì kó èrè mi fún mi bó bá dé 1.1040. 0.0001 ni pípù kan níbí, torí náà pípù 20 ni mo fi wewu, 40 ni mò ń lé, ìpín tẹ́ ẹ fẹ́ràn gan-an. Ká sọ pé mo ṣe irú òwò yìí nígbà 100, tí 35 jèrè, tí 65 pàdánù. Èrè jẹ́ 1,400, àdánù jẹ́ 1,300. Pípù 100 ló ṣẹ́ kù, ìyẹn 1 péré lórí òwò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Dékúnlé ń wá orúkọ fún nìyẹn:

```
0.35 × 40 − 0.65 × 20 = 1
```

Búrókà ò tíì mú tiẹ̀ o. Bí àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n ń tà fún wa àti iye tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa bá jẹ́ pípù kan àbọ̀, 150 ló máa kó lọ nínú òwò 100 yẹn. Pípù 100 tó kù di gbèsè 50. Ìpín ṣì jẹ́ 1 sí 2, kò yí padà.

Ohun tó wá ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n rò pé ìpín àti ìdá ìjèrè ò mọra. Bí iye owó bá kàn ń lọ sókè sódò láìtẹ̀ síbì kankan, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kan ibi tó wà ní 20 kó tó kan ibi tó wà ní 40 lẹ́ẹ̀kan. Ìdá ìjèrè á bọ́ sí 1 nínú 3, òfo ló sì máa kù. Ẹ sún èrè náà lọ sí 60, á di 1 nínú 4, òfo náà ni. Ẹ lè sún un títí dé Sókótó, sísún nìkan ò lè dá owó sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọjà, tó jẹ́ kẹ́ ẹ máa rí ju 1 nínú 3 lọ, òun ló ń mówó wá.

Àǹtí Rọ́nkẹ́
Ẹ má bínú o, mo rò pé orí bí a ṣe ń dín ewu kù lẹ wà. Tèmi ni pé mo máa ń jẹ dáadáa. Nínú òwò 10, mo lè jẹ 7, owó mi ṣì ń dín kù. 20 ni mo fi ń wewu, 40 ni mò ń kọ sílẹ̀. Àmọ́ tó bá ti tó nǹkan bíi 8, àyà mi á máa já, mo á sì tètè tì í. Ṣé búrókà mi ló ń jà mí lólè?

Bánjọ
Àǹtí, ẹ má tíì pariwo olè. 8 lọ́nà 7 jẹ́ 56. 20 lọ́nà 3 jẹ́ 60. Pípù 4 ti lọ kí búrókà tó nawọ́ rárá. Ìwé yín ni 1 sí 2 wà, kò dé inú àkáǹtì. Èyí tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ń fi 20 lé 8, ẹni tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jèrè ju 5 nínú 7 lọ kó tó rí nǹkan kan mú. Ẹ kó gbogbo èrè yín jọ, kẹ́ ẹ pín in fún iye òwò tó jèrè. Kẹ́ ẹ ṣe àdánù náà bẹ́ẹ̀. Ìpín gidi á yọjú.

Olùkọ́ Mojí
Ohun tí Àǹtí sọ yìí gan-an ni ò jẹ́ kí n fọwọ́ sí "ìrètí". 40 ni wọ́n ń retí, 8 ni wọ́n ń mú lọ sílé. Àwọn òyìnbó pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ìrètí. Christiaan Huygens, ará Nẹ́dálándì, ló ṣírò iye tí àyè ẹni nínú tẹ́tẹ́ tó, èdè ìlú rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́. Van Schooten, olùkọ́ rẹ̀, tó tú u sí Látìn fún ìtẹ̀jáde 1657, ló mú ọ̀rọ̀ ìrètí wọ̀ ọ́, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e. Kò sídìí tí àwa náà fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Mo dábàá "àbọ̀ ìpíndọ́gba", torí ohun tó bọ̀ wálé ni.

Àlàní
Olùkọ́, àbọ̀ kẹ̀? Bánjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ "pípù kan àbọ̀" lókè níbẹ̀ ni! Ìdajì ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé "èrè ìpíndọ́gba". Mo ti gbà pé ìpín nìkan ò tó, ṣùgbọ́n n ò ní torí ẹ̀ máa fi 20 lé 8.

Bánjọ
Ti Àǹtí ń pàdánù 4 nínú òwò 10. Ta ló máa pe ìyẹn ní èrè? "Ìṣẹ́kù ìpíndọ́gba" gba èrè, ó gba gbèsè.

Àmọ́ Olùkọ́, ẹ má tíì ju "ìrètí" nù. 35 tí mo rí nínú 100 lè di 30 nínú 100 tó tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ọgbọ́n mi dín kù, pípù 200 á sì lọ. Òwò 100 kéré jù láti fi mọ̀ yàtọ̀ láàárín ẹni tó lóye ọjà díẹ̀ àti ẹni tó kàn ń ta á bí ayò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ni ìṣẹ́kù. Èyí tó wà níwájú, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí, ńkọ́? Ó jọ pé orúkọ méjì la nílò.

Olùkọ́ Mojí
Orúkọ méjì, mo gbà. Ìrètí, n ò gbà. Ẹni tí ìṣírò rẹ̀ bọ́ sí gbèsè, kí ló ń retí?

Dékúnlé
Ẹ ṣeun gan-an. "Ìdá ìjèrè" àti "ìṣẹ́kù ìpíndọ́gba" ni màá lò níbi tí wọ́n ti ń ṣírò òwò tó ti parí. Orí tó sọ̀rọ̀ nípa òwò tó ń bọ̀ ṣì wà láìlórúkọ. Àǹtí Rọ́nkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi 7, 8 àti 20 yín ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀? Mi ò ní dárúkọ yín.

Àǹtí Rọ́nkẹ́
Lò ó, ọmọ mi. Bó o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi.